Dáṣíbọ́ọ̀dù ọ̀sẹ̀ fún béékárì wa ní Apáta: bí mo ṣe kọ́ ọ, àti ọjọ́ tó kọ́kọ́ pọ́n

Sátidé, 9 Oṣù Kẹjọ 2025

Ìwé mẹ́ta ni mo bá lórí tábìlì ẹ̀gbọ́n mi obìnrin nígbà tí mo dé béékárì rẹ̀ ní Apáta láàárọ̀ yìí. Ọ̀kan wà fún àpò fúláwà tí wọ́n pò àti iye búrẹ́dì tó jáde, ọ̀kan wà fún ohun tí ọkọ̀ gbé lọ àti ohun tó gbé padà, ẹ̀kẹta ni ìwé gbèsè. Wọ́n ń kọ ọ́ lójoojúmọ́, wọn kì í sì í fo ọjọ́ kankan. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń ka ohun tí wọ́n kọ títí oṣù á fi parí, ìgbà yẹn ni ẹ̀gbọ́n mi á wá rí i pé owó tó yẹ kó wà nílẹ̀ kò pé.

"Mo fẹ́ máa mọ̀ láàárọ̀ Mọ́ńdè," ohun tó sọ fún mi nìyẹn. "Tí nǹkan bá ti yí, kí n mọ̀ kí n tó tún po fúláwà ọ̀sẹ̀ mìíràn."

Google Sheets ni mo máa fi ṣe dáṣíbọ́ọ̀dù náà, ojú ìwé kan ṣoṣo tó máa fi nọ́ńbà tó ṣe kókó hàn, nítorí orí fóònù ni ẹ̀gbọ́n mi ti máa wò ó. Ìdí kan náà ni mo fi pinnu pé ohun tó bá wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù náà kò gbọdọ̀ ju ohun tí ojú fóònù kan lè gbà láìfà á sókè sísàlẹ̀. A jókòó lórí ìyẹn fún nǹkan bíi wákàtí méjì, nítorí gbogbo nǹkan ló kọ́kọ́ fẹ́ rí: iye búrẹ́dì, owó tó wọlé, dísẹ̀lì, ṣúgà, yíìsì, iye tí awakọ̀ kọ̀ọ̀kan tà. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ń bi í lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan: "Tí nọ́ńbà yìí bá burú láàárọ̀ Mọ́ńdè, ta ni ẹ máa pè, kí sì ni ẹ máa ní kó ṣe?" Èyí tí kò bá rí ìdáhùn sí, a fi í sílẹ̀ nínú ìwé.

Àpapọ̀ búrẹ́dì ọ̀sẹ̀ ló dùn ún jù láti fi sílẹ̀. Mo ṣí ìwé padà sí Oṣù Kẹfà láti fi ohun tí mo ń wí hàn án. Ọ̀sẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní 2 Oṣù Kẹfà, búrẹ́dì 4,858 ni wọ́n ṣe. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ó fò sókè di 7,387. Ẹni tó bá wo ìyẹn nìkan á rò pé iṣẹ́ burú gan-an ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Iléyá ló bọ́ sí Fúráìdè ọ̀sẹ̀ yẹn, wọ́n ti ilẹ̀kùn ní Fúráìdè àti Sátidé, àpò 48 péré ni wọ́n pò dípò 72. Tí a bá wá fi iye àpò pín iye búrẹ́dì, 101.2 ló jáde lórí àpò kan ní ọ̀sẹ̀ Iléyá, 102.6 ní ọ̀sẹ̀ kejì. Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ rárá. Àpapọ̀ ń sọ iye ọjọ́ tí a ṣiṣẹ́. Iye tó jáde lórí àpò kan ló ń sọ bí a ṣe ṣe iṣẹ́ náà.

Mẹ́ta ló kù nígbà tí a parí. Àkọ́kọ́ ni iye búrẹ́dì ńlá lórí àpò fúláwà kan, èyí tó jẹ́ ti àwọn tó ń po tí wọ́n sì ń gé. Èkejì ni búrẹ́dì tó padà nínú ọgọ́rùn-ún tó jáde, ti àwọn awakọ̀ nìyẹn. Ẹ̀kẹta ni owó tó ti wà níta ju ọjọ́ méje lọ, ti ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀. Mẹ́ta ni wọ́n, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní ẹni tó ni ín.

Mo fi nọ́ńbà mìíràn ti ti àkọ́kọ́ lẹ́yìn kó má bàa di ìdẹkùn. Àpò fúláwà kan jẹ́ 50 kílógíráàmù. Tí omi, ṣúgà, bọ́tà, iyọ̀ àti yíìsì bá ti wọ̀ ọ́, tí míkísà sì ti pò ó tán, ohun tó máa ń dé orí tábìlì gígé ní béékárì yìí jẹ́ nǹkan bíi 81.5 kílógíráàmù. Gíráàmù 800 ni wọ́n ń gé ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí náà búrẹ́dì bíi 102 ló yẹ kó jáde. Ṣùgbọ́n tí àwọn tó ń gé bá ti gbọ́ pé nọ́ńbà yìí ni ọ̀gá ń wò, ọ̀nà tó rọrùn jù láti gbé e sókè ni kí wọ́n máa gé 770. Àwọn oníbàárà ló máa jìyà rẹ̀. Mo wá ní kí wọ́n máa wọn búrẹ́dì mẹ́wàá tó ti jinná tó sì ti tutù lójoojúmọ́, kí wọ́n kọ ìdá mẹ́wàá àpapọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Ooru ààrò máa ń gba omi lára rẹ̀. Èyí tí wọ́n gé ní 800 máa ń jáde ní nǹkan bíi 710. Iye lórí àpò àti ìwọ̀n búrẹ́dì, àwọn méjèèjì ni kí a máa wò pọ̀.

Sọ́ńdè, 10 Oṣù Kẹjọ

Ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá ni mo kó láti inú ìwé sínú ṣíìtì lónìí, láti 2 Oṣù Kẹfà títí dé àná. Ṣíìtì mẹ́ta ni mo ṣí: `Ojoojumo` fún iṣẹ́ béékárì, `Irinna` fún ọkọ̀, `Ose` fún àkópọ̀. Òfin kan wà tí n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rú: a kì í tẹ nọ́ńbà sínú `Ose`. Fọ́múlà nìkan ló ń gbé ibẹ̀. Tí nọ́ńbà kan bá ṣàjèjì níbẹ̀, inú `Ojoojumo` ni a ó ti tún un ṣe.

Déètì ló kọ́kọ́ jà mí. Mo tẹ 02/06/2025 fún Mọ́ńdè àkọ́kọ́, ó gbà á. Mo ń bá a lọ títí mo fi dé 13/06/2025, mo wá rí i pé déètì yẹn lọ fara ti ọwọ́ òsì àpótí, nígbà tí àwọn tó ṣáájú rẹ̀ fara ti ọwọ́ ọ̀tún. Nínú Google Sheets, nọ́ńbà àti déètì máa ń fara ti ọ̀tún, ọ̀rọ̀ lásán ló máa ń fara ti òsì. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ètò ṣíìtì náà wà ní ti Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń fi oṣù ṣáájú ọjọ́. Kò sí oṣù kẹtàlá, nítorí náà ó ka 13/06 sí ọ̀rọ̀. Èyí tó burú jù ni àwọn tó gbà: 02/06 tí mo rò pé ó jẹ́ ọjọ́ kejì Oṣù Kẹfà, ọjọ́ kẹfà Oṣù Kejì ló kà á sí, kò sì sọ nǹkan kan. Mo lọ sí `File`, `Settings`, mo yí `Locale` sí `United Kingdom`, mo sì tún gbogbo déètì tẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, nítorí yíyí ètò náà kò tún àwọn tó ti kà ṣì ṣe.

Fún ọ̀sẹ̀, n kò lo nọ́ńbà ọ̀sẹ̀ nínú ọdún, torí ó máa ń dàrú nígbà tí ọdún bá ń yí. Mọ́ńdè tí ọ̀sẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ ni mo fi ń pe ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Fọ́múlà kan wà ní òpó B tó ń wá Mọ́ńdè fún déètì èyíkéyìí tó bá wà ní òpó A:

```
=IF(A2="","",A2-WEEKDAY(A2,2)+1)
```

Nínú `Ose`, àpò ọ̀sẹ̀ àti búrẹ́dì ọ̀sẹ̀ wá di àròpọ̀ tó rọrùn:

```
=SUMIFS(Ojoojumo!C:C,Ojoojumo!B:B,A2)
=SUMIFS(Ojoojumo!D:D,Ojoojumo!B:B,A2)
```

Mo ṣe èyí tán, mo fi iye àpò pín iye búrẹ́dì, mo sì rí 84 lórí àpò kan fún ọ̀sẹ̀ 16 Oṣù Kẹfà. Ẹ̀rù bà mí díẹ̀. Mo wo ìwé, kò sí ohun tó jọ ọ́. Mo wá wo àpótí ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo rí èyí tó fara ti òsì: 12O8. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń bá mi tẹ̀ ẹ́ ti tẹ lẹ́tà O dípò òdo. `SUMIFS` kì í pariwo nígbà tó bá rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ńṣe ló máa ń fò ó. Àpò méjìlá ọjọ́ yẹn wọ ìṣirò, búrẹ́dì 1,208 rẹ̀ kò wọ̀ ọ́. Nígbà tí mo tún un ṣe, 100.9 ló jáde.

Kí èyí má bàa tún ṣẹlẹ̀ láìsí ẹni tó mọ̀, mo fi òpó méjì kún `Ose`. Ọ̀kan ni iye ọjọ́ tí béékárì ṣiṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ náà, ẹ̀gbọ́n mi ló ń sọ ọ́, a sì ń kọ ọ́ sínú `Eto`, ṣíìtì kékeré kan tí fọ́múlà ń kà á láti ibẹ̀: mẹ́fà ní ọ̀sẹ̀ lásán, mẹ́rin ní ọ̀sẹ̀ Iléyá. Èkejì ń ka ọjọ́ tí nọ́ńbà gidi wà fún àpò àti fún búrẹ́dì:

```
=COUNTIFS(Ojoojumo!B:B,A2,Ojoojumo!C:C,">0",Ojoojumo!D:D,">0")
```

`">0"` yìí kì í ka ọ̀rọ̀, nítorí náà 12O8 kò lè gba ibẹ̀ kọjá. Tí iye méjèèjì kò bá dọ́gba, iye lórí àpò kò ní jáde rárá, KÒ PÉ ni yóò hàn níbẹ̀. Ó sàn kí ẹ̀gbọ́n mi rí KÒ PÉ ju kó rí 84 kó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo lé àwọn òṣìṣẹ́ lórí.

Ti búrẹ́dì tó padà náà ní ìdẹkùn tirẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ti ń ṣe é lórí bébà: ó máa ń wá ìdá fún ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, ó sì máa ń pín àwọn ìdá náà dọ́gba. Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀nà méjì. Bódìjà gba 2,000, 60 padà, ìyẹn 3 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọ̀jọ́ọ̀ gba 200, 30 padà, ìyẹn 15. Tí a bá pín 3 àti 15 sí méjì, 9 ló máa jáde, ó sì máa dà bíi pé gbogbo ọjà ń kú. Ṣùgbọ́n 90 ló padà nínú 2,200, èyí tó jẹ́ 4.1. Àpapọ̀ tó padà ni ká fi àpapọ̀ tó jáde pín. Ìdá ọ̀nà kọ̀ọ̀kan á dúró láyè tirẹ̀ nísàlẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ mọ ibi tó ti ń jò. Mo tún ní kí awakọ̀ máa kọ déètì tí búrẹ́dì jáde sí iwájú èyí tó padà, nítorí búrẹ́dì Sátidé, Mọ́ńdè ló máa ń padà wá, tí kò sì yẹ kó di ẹrù ọ̀sẹ̀ tuntun.

Gbèsè kò gba àkókò. Àròpọ̀ kan ni, ó ń wo déètì.

Ọjọ́rú, 13 Oṣù Kẹjọ

Ìgbà wo ni kí nọ́ńbà kan pọ́n lójú dáṣíbọ́ọ̀dù? Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ro èyí, mo sì gbà pé òun gan-an ni gbogbo iṣẹ́ yìí.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ṣe: tí ọ̀sẹ̀ yìí bá kéré sí ọ̀sẹ̀ tó kọjá, kó pọ́n. Mo dán an wò lórí ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá tí mo ní. Àwọn nọ́ńbà náà nìyí, ní títẹ̀léra: 101.2, 102.6, 100.9, 102.1, 101.5, 103.0, 101.8, 102.3, 100.8, 101.8. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ló pọ́n nínú ẹ̀ẹ̀mẹ́sàn-án. Mo bi ọ̀gá tó ń mójú tó ààrò pé kí ló ṣẹlẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó rò ó títí, ó ní kò sí nǹkan kan. Òótọ́ ló sọ. Fúláwà tó lẹ̀ mọ́ míkísà lónìí lè máà lẹ̀ mọ́ ọn lọ́la, ọwọ́ ẹni tó ń gé kò dọ́gba láàárọ̀ àti lálẹ́. Tí nǹkan bá ń pọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́rin nínú mẹ́sàn-án láìsí ìdí, ìgbà tí ìdí bá wá wà, kò sẹ́ni tó máa wò ó mọ́.

Mo tún ronú pé kí n kàn fi ààlà kan síbẹ̀ látọkàn wá, bíi 100. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí kò fi jẹ́ 99? N kò ní ìdáhùn.

Ohun tí mo lò níkẹyìn ti pẹ́ láyé. Walter Shewhart ló kọ́kọ́ yà á sórí bébà ní 16 Oṣù Karùn-ún 1924, nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ní Western Electric ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ohun èlò tẹlifóònù. Èrò rẹ̀ ni pé iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ló máa sọ bó ṣe máa ń mì. Ìmì tó wà láàárín ààlà yẹn, ti ojoojúmọ́ ni, kò sí ẹni kan pàtó tó dá a sílẹ̀. Èyí tó bá jáde kúrò láàárín rẹ̀ ló ní ìdí tí a lè wá rí.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. A ó kọ́kọ́ wá ìwọ̀n àárín ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá náà: 101.8. Lẹ́yìn náà, a ó wo bí ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe jìnnà sí èyí tó ṣáájú rẹ̀, láìka bóyá ó lọ sókè tàbí sísàlẹ̀. Láti 101.2 sí 102.6 jẹ́ 1.4, láti ibẹ̀ sí 100.9 jẹ́ 1.7, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa lọ títí mẹ́sẹ̀ẹ̀sàn-án á fi pé. Ìwọ̀n àárín ìjìnnà mẹ́sẹ̀ẹ̀sàn-án jẹ́ 1.18. A ó sọ ọ́ di púpọ̀ ní 2.66, yóò di 3.13. Tí a bá yọ ìyẹn kúrò nínú 101.8, 98.7 ni ààlà ìsàlẹ̀. Tí a bá fi kún un, 104.9 ni ti òkè. 2.66 yẹn kì í ṣe ohun tí mo mú látọkàn mi, 3 tí a fi 1.128 pín ni, òun ló ń sọ ìjìnnà láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ di ààlà tó fẹ̀ tó.

Nínú ṣíìtì tí mo pè ní `Opin`, ìlà mẹ́rin ni:

```
B1: =AVERAGE(Ose!D2:D11)
B2: =AVERAGE(Ose!E3:E11)
B3: =B1-2.66*B2
B4: =B1+2.66*B2
```

Òpó E ni ìjìnnà, `=ABS(D3-D2)`. Àsíá pupa náà wá di èyí:

```
=IF(ISNUMBER(D12),IF(OR(D12<Opin!$B$3,D12>Opin!$B$4),"WÒ Ó",""),"KÒ PÉ")
```

Ẹ kíyè sí i pé `D2:D11` ni mo kọ, ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá yẹn nìkan, kì í ṣe gbogbo òpó D. Tí a bá jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ tuntun kọ̀ọ̀kan máa wọ inú ìṣirò ààlà, ọ̀sẹ̀ tó burú á fẹ ààlà náà, ọ̀sẹ̀ búburú tó tẹ̀lé e á sì rí ibi sá pamọ́ sí. A ó tún ààlà ṣírò nígbà tí a bá mọ̀ọ́mọ̀ yí nǹkan padà, bí àpẹẹrẹ tí a bá yí irú fúláwà tí a ń rà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá kéré, mo mọ̀. Tó bá pé ogún màá tún un ṣe.

Apá òkè náà ṣe pàtàkì. Tí iye lórí àpò bá fò kọjá 104.9, kì í ṣe ìgbà ìjó. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti ń gé e kéré.

Mo fi òpó kan kún un fún ọ̀rọ̀: ohun tí a mọ̀ nípa ọ̀sẹ̀ náà. Nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìbàdàn bá wọ ọlidé, ọ̀nà Agbowó máa ń gbé búrẹ́dì padà, kò sì sí awakọ̀ tó jẹ̀bi ìyẹn. Ṣíìtì kò lè mọ̀ ọ́n, ẹni tó wà níbẹ̀ ló mọ̀ ọ́n.

Mọ́ńdè, 1 Oṣù Kẹsàn-án

Ó pọ́n.

Ọ̀sẹ̀ 11 Oṣù Kẹjọ jáde ní 102.0, ti 18 jáde ní 101.1, kò sí àsíá. Láàárọ̀ yìí, ọ̀sẹ̀ 25 Oṣù Kẹjọ jáde ní 97.4, àpò 72, búrẹ́dì 7,013. Ọjọ́ mẹ́fà ló yẹ, mẹ́fà ló pé. Ẹ̀gbọ́n mi pè mí kí aago méje tó lù.

"Àbúrò, ẹnìkan ń kó fúláwà mi."

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má tíì bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́. Mo mọ ẹni tó ní lọ́kàn. Bàbá tó ń mójú tó sítọ̀ọ̀ ti wà níbẹ̀ láti ìgbà tí béékárì náà ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ tí a bá sọ ọ́ jáde, kò ṣeé kó padà.

Tí mo dé ibẹ̀, ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ni mo kọ́kọ́ wò, àpò méjìlá lójúmọ́. Mọ́ńdè, 1,222. Túsìdeè, 1,219. Ọjọ́rú, 1,142. Ọjọ́bọ̀, 1,145. Fúráìdè, 1,141. Sátidé, 1,144. Kò sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó já lulẹ̀ láàárín Túsìdeè àti Ọjọ́rú, ó sì dúró síbẹ̀ gbọn-in, nǹkan bíi 95 lórí àpò. Ẹni tó ń bu fúláwà kì í bu iye kan náà lójoojúmọ́ báyìí. Ohun tó bá dúró gbọn-in báyìí, ẹ̀rọ ló sábà máa ń jẹ́.

Ṣùgbọ́n òpó tí mo gbẹ́kẹ̀ lé takò mí. Ìwọ̀n búrẹ́dì mẹ́wàá wà ní 711, 710, 712, bó ṣe máa ń wà. Tí búrẹ́dì kò bá tóbi sí i, tó sì kéré níye, fúláwà ló dín kù nìyẹn. Ohun tí ẹ̀gbọ́n mi ń sọ gan-an ni. A gbé àpò mẹ́ta tí wọn kò tíì tú sórí síkéèlì ńlá tí wọ́n fi ń gba ọjà sílé. Àádọ́ta kílógíráàmù ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó tilẹ̀ lé díẹ̀ pẹ̀lú àpò rẹ̀. Wọ́n pò ọ̀kan lójú mi, a wọn ohun tó jáde nínú míkísà lórí síkéèlì ńlá yẹn kan náà: 81 àti ààbọ̀. Kò sí ohun tó dín.

Ọ̀rọ̀ obìnrin kan tó ń ta búrẹ́dì ní Bódìjà ló là mí lójú. Ó wá san gbèsè, ó rí ẹ̀gbọ́n mi, ó ní, "Ẹ ṣé o, búrẹ́dì yín sanra lọ́sẹ̀ tó kọjá."

Mo dìde. Búrẹ́dì sanra, síkéèlì ní kò sanra. Síkéèlì kékeré kan náà ni wọ́n fi ń wọn èyí tí wọ́n gé, òun náà ni wọ́n sì fi ń wọn búrẹ́dì mẹ́wàá tó jinná. Bó bá ń purọ́ lórí tábìlì gígé, irọ́ kan náà ló máa pa lẹ́yìn ààrò, àwọn nọ́ńbà méjèèjì á sì bá ara wọn mu. Èmi ni mo ṣètò rẹ̀ bẹ́ẹ̀, tí mo fi olùṣọ́ kan ṣọ́ ara rẹ̀.

Ọ̀rá iyọ̀ kílógíráàmù kan tí wọn kò tíì já ni mo gbé lé e. Láìsí ohunkóhun lórí rẹ̀, òdo ló ń kà, kò sí ẹni tó máa fura. Pẹ̀lú iyọ̀, 938. Mo gbé àwo rẹ̀ kúrò, mo sì yí síkéèlì náà dé. Ní igun kan lábẹ́ ibi tí àwo máa ń jókòó lé, fúláwà pípò kan tó ti gbẹ wà níbẹ̀, ó le bí òkúta, kò ju ẹ̀wà méjì lọ, ó há sáàárín àwo àti ara síkéèlì. Ohunkóhun tí a bá gbé lé àwo, ibẹ̀ ń bá síkéèlì gbé díẹ̀ nínú rẹ̀, síkéèlì kò sì rí ìyẹn kà. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń gé rántí pé wọ́n fọ tábìlì lálẹ́ Túsìdeè, omi sì dà sórí síkéèlì náà.

A fi ọ̀bẹ ha á kúrò, a nù ún, a gbé iyọ̀ padà: 1,004, ti ọ̀rá rẹ̀ ni mẹ́rin yẹn.

Ìṣirò wá bọ́ sípò. Nígbà tí síkéèlì náà bá kà 800, nǹkan bíi 856 ló wà lórí rẹ̀ gan-an. Fi 856 pín 81,500, 95 ló máa jáde. Ọjọ́ mẹ́rin, àpò 48, nǹkan bíi búrẹ́dì 314 ni a fi ta àwọn oníbàárà lọ́rẹ láìmọ̀. Ká ní ìparí oṣù ni a máa ń wò ó, Oṣù Kẹjọ ì bá ṣì dà bí èyí tó dára, torí ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn nìkan ló bàjẹ́, Oṣù Kẹsàn-án ì bá sì lọ tán kí a tó fura.

Ẹ̀gbọ́n mi kò sọ ohunkóhun fún bàbá sítọ̀ọ̀. Ó ra mọ́íńmọ́ín fún un lọ́sàn-án. Bàbá kò mọ ìdí.

Mọ́ńdè, 8 Oṣù Kẹsàn-án

101.5. Kò sí àsíá.

Ohun tí mo yí padà láàárín ọ̀sẹ̀ kò pọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ra òkúta òṣùwọ̀n irin kílógíráàmù kan, ó ń gbé nínú dúrọ́ọ̀ tábìlì, kì í sún mọ́ omi. Kí wọ́n tó gé èyí àkọ́kọ́ láàárọ̀, wọ́n á gbé e lé síkéèlì, wọ́n á sì tẹ ohun tó kà sí òpó F nínú `Ojoojumo`. Bí kò bá tó 995 tàbí tó ju 1,005 lọ, àpótí náà á pọ́n lójú ẹsẹ̀, wọn kò ní dúró de Mọ́ńdè. Fọ́múlà tó wà ní `Format`, `Conditional formatting` nìyí:

```
=AND(ISNUMBER($F2),OR($F2<995,$F2>1005))
```

Búrẹ́dì mẹ́wàá tó jinná, síkéèlì ńlá ni wọ́n fi ń wọn gbogbo wọn pọ̀ báyìí. Ìlà rẹ̀ kò tó ti kékeré yẹn ní kíkà, ìdá ogún kílógíráàmù ló ń fò, ìyẹn gíráàmù 50 lórí búrẹ́dì mẹ́wàá, márùn-ún lórí ọ̀kan. Márùn-ún tó fún ohun tí a ń wá. Nǹkan bíi gíráàmù 50 lórí búrẹ́dì kan la pàdánù ní ọ̀sẹ̀ 25 Oṣù Kẹjọ.

Ọ̀sẹ̀ 25 Oṣù Kẹjọ ṣì wà nínú `Ose` ní 97.4, ó pupa, n kò pa á rẹ́. Nínú òpó ọ̀rọ̀ níwájú rẹ̀, ọ̀gá ààrò fúnra rẹ̀ ló ní kí n kọ ọ́ báyìí: "Síkéèlì kékeré, fúláwà gbígbẹ lábẹ́ àwo, Ọjọ́rú sí Sátidé."

Ti ọ̀nà Ọ̀jọ́ọ̀ ló kù. Ìdá tó ń padà níbẹ̀ ti wà lókè ìwọ̀n àárín rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún léraléra báyìí láìkọjá ààlà. Tó bá pé mẹ́jọ, mo ti sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé àwa méjèèjì la máa wọ ọkọ̀ lọ síbẹ̀.